Àga Tí Ó Háyà, Ṣọ́ọ̀bù Tí Ó Di Tirẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, ìtàn àbúrò ìyàwó mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ó ti gbà kí n sọ ọ́, àmọ́ ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ háyà àga fún òun. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Onídìrí ni. Ní ìparí ọdún 2021 ló ṣe fírídọ̀mù lẹ́yìn tó ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta n'Íbàdàn níbí. Kò ní owó ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ó háyà àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bó ṣe rí nìyí: ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ni dígí, dírayà àti abọ́ tí wọ́n fi ń fọ irun. Ẹni tó háyà àga ló ń mú òòyà, ìpara àti ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ní gbogbo Sátidé, ó máa san 4,000 náírà, yálà èrò wá tàbí èrò kò wá.

Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ìyàwó mi sọ fún mi pé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó yà mí lẹ́nu, torí pé kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń wú lálẹ́. Mo pè é, mo ní kó jókòó.

Mo bi í pé, "Èló lò ń rí lọ́sẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pa 21,500. Mo san owó àga, ó ku 17,500."

Mo ní, "Níbo ni 17,500 náà wà?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rí èsì fún mi. Mo mú ìwé kan tí àwọn ọmọ kéwú mi fi ń kọ hántu, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di irun onírásítà fún ènìyàn méjì, 5,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ra àtàṣímẹ́ǹtì. Ó di irun lásán fún ènìyàn márùn-ún, 1,000, 1,000. Ó fi rílásà ṣe irun fún ẹni méjì, 2,500, 2,500. Ó fọ irun fún ẹnì kan, ó sì fi dírayà gbẹ ẹ́, 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21,500 lóòótọ́.

Lẹ́yìn náà a kọ ohun tó jáde. Irun onírásítà kọ̀ọ̀kan jẹ àtàṣímẹ́ǹtì mẹ́rin, 700 náírà ni ọ̀kan. Méjèèjì jẹ́ 5,600. Rílásà, ìpara àti ṣámpù jẹ́ 2,300. Owó ọkọ̀ ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 2,400. Owó tó dá sí epo jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 1,500. Owó àga 4,000. Nígbà tí a yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, 5,700 ló kù, ìyẹn 950 náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó tó jẹun ọ̀sán. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà. Owó oníbàárà ló ń kà mọ́ owó tirẹ̀.

Àmọ́ ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwé yẹn ni ti wákàtí. Mo bi í pé báwo ni irun onírásítà kan ṣe ń pẹ́ tó. Ó ní wákàtí mẹ́fà, tí kò bá sí ẹni tó bá òun dì í. Tí a bá yọ owó àtàṣímẹ́ǹtì kúrò nínú 5,000, 2,200 ló kù. Pín in sí mẹ́fà, kò tó 370 náírà fún wákàtí kan. Irun lásán tí àwọn ènìyàn ń fojú kéré ńkọ́? Wákàtí kan ni, kò sì ní ohun tó ń rà sí i ju ìpara díẹ̀ lọ: 1,000 náírà. Ó wo ìwé náà títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, onírásítà lèmi máa ń dúpẹ́ jù lórí rẹ̀ o!"

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe pé irun onírásítà kò dára fún onídìrí. Lọ́jọ́ Ajé tí ẹnikẹ́ni kò wọlé, 370 sàn ju òfo lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ni wàhálà wà, nígbà tí èrò tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé irun wákàtí mẹ́fà lé orí àga rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ti lé oníbàárà mẹ́fà lọ. Ohun méjì ló yí padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní irun onírásítà di ti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú nìkan, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ kó ra àtàṣímẹ́ǹtì rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, kí òun gba owó ọwọ́ nìkan. Àwọn kan bínú. Obìnrin kan sọ pé ojú kòkòrò ti wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn oṣù méjì, owó tó ń kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ní oṣù kẹfà, ó wọ èésú oṣooṣù pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́sàn-án ní ọjà, 15,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìpín kẹsàn-án ló gbà, torí pé àwọn tó fẹ́ tètè kó owó pọ̀, òun kò sì kánjú.

Iléyá ọdún yẹn, ní oṣù keje, ló kó bá a. Ẹ mọ bí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ṣe máa ń rí nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Obìnrin kan tú irun rẹ̀ láàárọ̀, ó fi òòyà họ orí rẹ̀ dáadáa, ó sì wá ní ọ̀sán pé kí wọ́n fi rílásà sí i. Ọmọ náà mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Rílásà jẹ́ kẹ́míkà tó lágbára. Ó ń já irun líle rọ̀, ó sì lè jó awọ ara. Tí awọ orí bá ti họ, kò sí ohun tó máa dí i lọ́nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún oníbàárà pé tó bá tú irun, kó fún orí rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan kó tó wá, kó má sì họ orí. Ìdí nìyí tí wọ́n tún fi ń fi baselíìnì yí etí, iwájú orí àti ẹ̀yìn ọrùn ká kí wọ́n tó fọwọ́ kan rílásà. Àmọ́ oníbàárà náà ń pariwo pé òun ń lọ sí ìlú òun, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sì ní kó ṣe é.

Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi sọ pé ó ń ta òun. Ìyá kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ní kó fara dà á díẹ̀, kí irun lè jinná. Ọ̀rọ̀ tí ń ba orí ènìyàn jẹ́ nìyẹn. Rílásà kì í ṣe ata tí a ń fara dà. Tó bá ti ń ta èèyàn, ó ti ń jó o. Kí wọ́n fi omi ṣan án kúrò lójú ẹsẹ̀ ni, ẹni yòówù kó máa sọ̀rọ̀. Ó ṣan án lóòótọ́, ó sì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ṣámpù tó ń pa agbára rílásà. Irú ṣámpù bẹ́ẹ̀ kan wà tí ìfóòfó rẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tí rílásà bá ṣì kù nínú irun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fọ̀ ọ́ kí ìfóòfó náà tó funfun. Síbẹ̀, awọ orí obìnrin náà lé ròrò ní ibi méjì. Ọmọ náà dá owó padà, ó san owó oògùn, ó sì bẹ ìdílé náà. Èrè Iléyá lọ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ra ìwé kékeré kan. Oníbàárà tó bá wọlé, á kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ọjọ́ tó tú irun, ọjọ́ tó ṣe rílásà kẹ́yìn, àti bóyá nǹkan kan ti ta á lórí rí. Tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ṣe rílásà sí irun, kò ní tún un ṣe, torí pé irun tuntun kò tíì jáde tó, irun tó ti gba kẹ́míkà tẹ́lẹ̀ ni á tún gbà á, á sì máa já. Nítorí jàǹbá ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kì í ṣe nítorí ọjà. Ẹ fi sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Nígbà tí ọdún 2023 wọlé, ó ti ń pa nǹkan bí 36,000 lọ́sẹ̀, owó àga sì ti di 5,000. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù rí i pé èrò tó ń wá bá a pọ̀ ju èrò tó ń wá bá òun lọ. Ó ní kí wọ́n fi owó àga sílẹ̀, kí wọ́n máa pín gbogbo owó tó bá wọlé sí ọgbọọgba. Ọmọ náà wá bá mi pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Kò bi mí ohun tí òun máa ṣe. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ wá. Tó bá pín 36,000, 18,000 ló kù. Nínú 18,000 náà, òun nìkan ló máa ra ìpara, san epo, wọ ọkọ̀, ìyẹn sì ń lọ sí 10,000. 8,000 ló kù. Bí owó àga bá wà bó ṣe wà, 21,000 ló máa kù fún un. Iṣẹ́ kan náà ni o, ọwọ́ kan náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ṣe ìlọ́po méjì owó àga. Tí ohun tí ẹ ń pa lọ́sẹ̀ kò bá tó iye yẹn, ìlàjì sàn fún yín ju kí ẹ máa san owó àga lọ. Tó bá ti jù ú lọ, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni ìlàjì sàn fún. Kí ẹ sì bi í bóyá kí a tó yọ owó ọjà ni a ó pín in àbí lẹ́yìn rẹ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìjà máa ń wà. Wọn kò kọ ìwé kankan láàárín ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni āyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì dá lé, nínú Súrátúl-Bàkárà, a sì ń kà á lójoojúmọ́.

Wọ́n fún un títí di ìparí oṣù kejì. Oṣù yẹn gan-an ni èésú kàn án, oṣù tí owó bébà di ọ̀wọ́n ní gbogbo Nàìjíríà nítorí owó tuntun. Inú àkáǹtì ni wọ́n san 150,000 náà sí fún un. Ó rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sángo, iyàrá kan péré, 120,000 lọ́dún. Onílé fẹ́ owó ọdún méjì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó gba ti ọdún kan. Àgírímẹ́ǹtì jẹ́ 12,000, ẹ́jẹ́ntì náà gba 12,000. Nínú owó èésú, 6,000 ló kù. Ó tún ní 72,500 láti ọwọ́ alájọ ojoojúmọ́: 500 náírà lójúmọ́ fún oṣù márùn-ún, tí alájọ yọ ti ọjọ́ kan kúrò nínú oṣù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ló fi ra dírayà àlòkù, dígí, àga kan àti abọ́ ìfọrun. Ìyá rẹ̀ fún un ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílé.

Jẹnẹrétọ̀ náà ló kọ́kọ́ dójú tì í. Dírayà tí ènìyàn ń kó orí sí lábẹ́, 1,000 wáàtì ni wọ́n kọ sára tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "Áì-bẹ́tà-pás-mai-néíbọ̀", tirẹ̀ kò lè gbé ju 650 wáàtì lọ. Tí wọ́n bá tan dírayà, ohùn jẹnẹrétọ̀ á rẹlẹ̀ bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, gílóòbù á ṣókùnkùn. Àmì rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n paná dírayà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Kò mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, waya inú rẹ̀ jó. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ohun èlò kí ẹ tó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Sángo, ènìyàn méje péré ló wọlé. Pátákó orúkọ wà ní Mọ́kọ́lá, èrò sì ń lọ síbi tí pátákó wà. Ó gbé ìwé kékeré náà jáde. Orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Kò fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ó pe ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tó yẹ: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Irun yín ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́la. Sángo ni mo wà báyìí." Láàárín oṣù méjì, mọ́kàndínlógún nínú wọn ti wá.

Àsìkò yẹn ni àwọn kan wá bá a pé àwọn lè yá a ní owó, kó máa san án padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú èlé. Ó kọ̀ ọ́ nítorí ríbà, mi ò sì ní láti sọ èyí gùn fún yín. Àmọ́ ẹ tún wo ojú ọjà rẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí tí o gbà á ni sísan máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn méje wọ̀ lọ́sẹ̀ kan, kí ló máa fi san án?

Ohun tó gbé ṣọ́ọ̀bù náà dìde kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa rò tẹ́lẹ̀. Ní Mọ́kọ́lá, dígí ni iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin ń wọlé, wọ́n ń jáde. Obìnrin tó ń lo híjáàbù kò lè ṣí orí níbẹ̀. Ilé ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti ń di irun, tàbí kí wọ́n máa wá onídìrí tó lè wá bá wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ta aṣọ ìkélé sí ẹnu ọ̀nà, ó sì kọ ọ́ síta pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọlé. Ìyá ọmọ kéwú mi kan lọ, ó sọ fún èkejì, ẹni yẹn náà sọ fún ẹlòmíràn. Láàárín oṣù mẹ́ta, Sátidé ti kún.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí náà ló jẹ́ kó lè fi àtàṣímẹ́ǹtì sílẹ̀ pátápátá. Ẹ mọ̀ pé hádíìsì wà lórí ẹni tó ń fi irun kún irun. Nípa irun ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní àríyànjiyàn. Nípa òwú tàbí ohun tí kì í ṣe irun ni àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ti ń dun ọmọ náà tipẹ́, àmọ́ ẹni tó háyà àga, ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣe ni òun náà máa ṣe. Nígbà tó di tirẹ̀, dídì, rílásà, fífọ irun àti irun kíkó ló mú. Ìwé ìṣirò ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé onírásítà ló ń mú owó wá kéré jù fún wákàtí kan.

Ó tún gbà á sílẹ̀ lọ́nà mìíràn. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò dé nǹkan bí 500. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó gbára lé dírayà pariwo. Irun dídì kò nílò iná. Òun sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ fọ irun máa pe òun kó tó wá, kó lè sọ bóyá iná wà.

Ní ọdún 2024, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀mù wá bá a pé òun fẹ́ háyà àga. Ó ra àga kejì. Kí ọmọ náà tó jókòó, wọ́n kọ ìwé, èmi àti ìyàwó mi sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Iye owó àga wà níbẹ̀, iye oṣù tí kò ní yí padà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ra kí ni wà níbẹ̀. Mo rò pé ó ti tán, àmọ́ ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé oníbàárà tí ọmọ náà bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀, ti ọmọ náà ni, ọjọ́ yòówù kó fẹ́ lọ.